Èsì Aago Mẹ́jọ Kọjá Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Iṣẹ́ náà kò le lójú ẹni tó gbé e fún Ọpẹ́dayọ̀. Ìyáàfin Rónkẹ́ Gbádéyan, akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó ni katakata mẹ́ta ní ìlú Kàbà, gbé láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì síwájú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sì na ìka sí ojú rẹ̀.

"Gbogbo ohun tí àwọn awakọ̀ wa kọ sórí Wáásáàpù lóṣù tó kọjá nìyẹn. Orí fóònù mi ni mo ti fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ fẹ́ kà á lọ́jọ́bọ̀. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ò lè máa ka 'gm' àti 'pls' àti ojú tó ń sunkún ẹ̀rín. Sọ gbogbo ẹ̀ di ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́. Má fi kún un. Má sì yọ nínú ẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan kì í sọ pé òun kò gbọ́.

Ó mọ ohun tí àwọn àgbà ń wá nínú ìwé náà. Gbogbo Kàbà mọ̀ ọ́n. Katakata tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti nọ́ọ̀kì sínú oko ní Òkè-Bùkún. Boaz ló wà á lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ẹ́ńjìnì kú, Boaz gun ọ̀kadà, ó ní òun ń lọ pe mẹkáníìkì wá láti Kàbà. Ọ̀kadà náà kò dé Kàbà. Wọ́n sin Boaz lọ́jọ́ kẹta. Kí ilẹ̀ ibojì tó gbẹ, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri pé Boaz ló fi agídí pa katakata ẹgbẹ́, pé ó rí i pé ara katakata náà kò dá, kò sì bi ẹnikẹ́ni.

Boaz ni ẹ̀gbọ́n Ọpẹ́dayọ̀. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí.

Ìyá wọn, Màmá Martha, ti ṣíwọ́ lílọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní tí òun bá wọlé, gbogbo ẹnu á pa. "Ikú ni mo lè gbà," ló sọ lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣa ẹ̀wà. "Ikú ò yan ẹnì kan. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ní ọmọ mi ò gbọ́ràn? Boaz tó jẹ́ pé kó tó bu omi mu á kọ́kọ́ béèrè?"

Nítorí náà ni inú Ọpẹ́dayọ̀ ṣe dùn nígbà tí akọ̀wé gbé iṣẹ́ náà fún un. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Nínú ìwé yìí ni wọ́n máa rí i bóyá Boaz béèrè tàbí kò béèrè.

Ọpẹ́dayọ̀ kò kàwé jìnnà. Ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ló dúró sí. Boaz ló ní kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, oṣù mẹ́fà gbáko. Bàbá Hezekiah tó jẹ́ sùpáfáísọ̀ àwọn awakọ̀ ló sì lọ bẹ akọ̀wé lẹ́yìn ìsìnkú pé kó gba ọmọ náà sí ọ́fíìsì. "Ọmọ náà mọ ẹ̀rọ yìí," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kó jókòó sílé máa wo ògiri." Bó ṣe dé ọ́fíìsì nìyẹn.

Ó ṣí ìwé náà. Ojú rẹ̀ ṣú.

Ìlà ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀. Ọjọ́, aago, orúkọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gé lápá gé lẹ́sẹ̀. Níbi tí àwọn àwòrán kéékèèké ti yẹ kó wà, àpótí òfìfo ló wà níbẹ̀, ọ̀kan, méjì, márùn-ún tẹ̀léra wọn. Láptọ́ọ̀pù náà ti pẹ́. Kò mọ ojú tó ń rẹ́rìn-ín yàtọ̀ sí ọwọ́ tó ń ṣàdúrà. Níbi tó sì ti yẹ kí fọ́tò wà, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọn kò fi í kún un.

Ó rántí bọ́tìnnì kan tí wọ́n kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tó ń wá ọ̀rọ̀ kan jákèjádò ìwé tó sì ń fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó yọ̀. Ó fi "Ẹ jọ̀wọ́" rọ́pò "pls". Ó ṣiṣẹ́. Ó fi "Ẹ káàárọ̀" rọ́pò "gm". Ó ṣiṣẹ́. Ó wá fi "ọ̀gá" rọ́pò "sa", nítorí "sa" ni gbogbo wọn fi ń pe Bàbá Hezekiah. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà ní òun ti ṣe irínwó ó lé mọ́kànlá.

Ọlọ́runṣọlá, tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù, kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́, ibo ní ń jẹ́ Iọ̀gánlu?"

"Níbo?"

"Wò ó níbí. 'Katakata kejì ti dé Iọ̀gánlu.' Ìlú tuntun nìyẹn o! Kí wọ́n yáa fún wọn ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwọn."

Ìsánlú ni. "Sa" tó wà láàárín orúkọ ìlú ni ẹ̀rọ ti yí padà. Ó ti ba gbogbo ibi tí "sa" wà jẹ́, nínú ìsàlẹ̀, nínú Sátidé. Ọpẹ́dayọ̀ fi bọ́tìnnì ìdápadà dá a padà, ó sì wá àpótí kékeré tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé odindi ọ̀rọ̀ nìkan ni kó mú. Ó tún un ṣe. Ìsánlú di Ìsánlú padà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ohun tó ń ṣe ìrànlọ́wọ́ fúnni yìí náà ló lè ba tẹni jẹ́ níbi tí èèyàn kò wò. Ó kúkú pinnu láti máa kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé ọjọ́ tí katakata kú. Ó rí orúkọ Boaz. Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó kà á:

*7:42. Boaz: gm sa. injin gbna gan* àpótí méjì. *oil n jo. abere ti wo red. n pak ni abi n cnt? pls rpl* àpótí kan.

Bí Boaz ṣe ń kọ̀wé nìyẹn. Ìwé mẹ́fà ló kà. Tí èèyàn bá gé ọ̀rọ̀ kúrú, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ó ṣì í kọ. Ọpẹ́dayọ̀ tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀:

*Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ́ńjìnì ti gbóná gan-an. Ọ́ìlì ń jò. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn ti wọ ojú pupa. Ṣé kí n dá iṣẹ́ dúró ni, àbí kí n máa bá a lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lésì.*

Ó béèrè. Boaz béèrè! Ọpẹ́dayọ̀ dìde, ó tún jókòó. Ó wo ìlà tó kàn.

*7:43. Rejoice: dizel ku keg 3. se ki n maa pin in lo fn awon Iyah?*

*7:51. Benjamin:* àpótí mẹ́rin.

*8:05. Hezekiah: O dara. Maa ba ise lo.* Àpótí kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí nǹkan kan títí ọ̀sán, nígbà tí Boaz kọ ọ́ pé ẹ́ńjìnì ti kú.

Akọ̀wé ti sọ fún un láàárọ̀ pé èsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ẹni tí wọ́n ń fún hàn. Ọpẹ́dayọ̀ wo èsì aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn títí. Rejoice tó ń pín dísẹ́ẹ̀lì ní Iyah-Gbede béèrè bóyá kí òun máa pín in lọ. Bàbá ní kó máa bá iṣẹ́ lọ. Rejoice ló béèrè kẹ́yìn. Ó bá ara mu. Ó kọ ọ́ báyìí: *Ó dára, Rejoice. Máa bá iṣẹ́ lọ.* Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ bá akọ̀wé.

Ìyáàfin Gbádéyan kà á pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Nígbà tó dé ojú ewé náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ó mà ṣe o. Ó béèrè, àmọ́ kò dúró gbọ́ èsì. Rejoice ni bàbá dá lóhùn. Boaz kàn tún wọ katakata padà ni."

"Mà?"

"Wò ó. Ohun tí o kọ nìyí."

Ohun tó kọ ni lóòótọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń sọ kiri, tí kò ní ẹ̀rí, òun ni ó wá bá wọn kọ ẹ̀rí rẹ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá tó gún régé. Ó gba ìwé náà padà. Ó ní òun ṣì ní àwòrán tí òun kò tíì mọ̀. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tó fi gbà á.

Lọ́jọ́rú, ó lọ bá Rejoice. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ orí Wáásáàpù náà báyìí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú Boaz ni wọ́n fi í kún un. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn kì í rí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá. Rejoice wà níwájú ilé ìkẹ́rù, ó ń fọ kẹ́ẹ̀gì.

"Ẹ òkun o, Àǹtí Rejoice."

"Òkun, àbúrò mi. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo àwòrán kan lórí fóònù yín. Ti ọjọ́... ti ọjọ́ tí katakata bàjẹ́."

Rejoice nu ọwọ́ sára ìró. Kò bi í ní ìdí. Ó yí fóònù rẹ̀ lọ sókè, lọ sókè, títí ó fi débẹ̀. Àwọn àpótí òfìfo di nǹkan: iná méjì àti ọwọ́ àdúrà lọ́dọ̀ Boaz. Ti Benjamin, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀, jẹ́ ojú mẹ́rin tó ń fi omijé rẹ́rìn-ín.

"Kí ni Benjamin ń rín lójú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló mọ̀? Tí ilé bá ń jó, Benjamin á rẹ́rìn-ín. Ti ọjọ́ tó ṣáájú ló ń dá lóhùn, nígbà tí mo ṣubú sínú ẹrẹ̀."

"Èsì tí bàbá fún yín wá ńkọ́? Ṣé ẹ wá pín dísẹ́ẹ̀lì náà lọ?"

"Èsì wo?"

"Èyí. 'Ó dára, máa bá iṣẹ́ lọ.'"

"Ta ló fún mi lésì? Ọjọ́ yẹn, mo dúró títí, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ìgbà tó yá mo pè wọ́n ni. Kì í ṣe èmi ni wọ́n dá lóhùn níbí. Wò ó dáadáa."

Ó fà á súnmọ́ ojú rẹ̀. Lórí fóònù, èsì náà kò dá dúró. Àpótí kékeré kan wà lórí rẹ̀, orúkọ Boaz wà nínú rẹ̀, àti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Boaz: *gm sa. injin gbna gan.* Lábẹ́ ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bàbá wà pẹ̀lú àtàǹpàkò tó nàró: *O dara. Maa ba ise lo.*

"Èmi ni mo kọ́ bàbá," ni Rejoice wí. "Mo ní, 'Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ dá ẹnì kan lóhùn láàárín ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ fi ìka fa ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sí apá ọ̀tún, kí ẹ tó kọ tiyín.' Wọn ò ṣì í ṣe rí."

"Kò sí nínú ìwé."

"Kò lè sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti kó ọ̀rọ̀ kúrò lórí fóònù báyẹn, àpótí yẹn kì í bá a lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń lọ."

Ọpẹ́dayọ̀ dúró síbẹ̀. Kò mọ ohun tó ń ṣe òun. Boaz béèrè. Wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ní kó máa bá a lọ, ó sì bá a lọ. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ ta ló ní kó máa bá a lọ? Bàbá tó bá a wá iṣẹ́. Bàbá tó di orí pósí mú nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ilẹ̀.

"Àǹtí, ṣé bàbá burú ni?"

"Bàbá Hezekiah?" Rejoice wò ó bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Ọpẹ́dayọ̀, lọ sinmi."

Kò lọ sinmi. Rejoice ya ojú fóònù náà, ó fi ránṣẹ́ sí i. Ọpẹ́dayọ̀ padà sí ọ́fíìsì, ó pa "Rejoice" rẹ́, ó kọ ọ́ pé: *Èsì sí ọ̀rọ̀ Boaz ti aago 7:42: Ó dára. Máa bá iṣẹ́ lọ.* Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Akọ̀wé ní kó má fi kún un. Ṣé èyí kì í ṣe àfikún? Ó lọ bi í, ó sì fi fọ́tò náà hàn án.

Ìyáàfin Gbádéyan wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ fóònù tirẹ̀ jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ pẹ̀lú. Bákan náà ni. "Àfikún kọ́ nìyí," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èyí tí o kọ́kọ́ kọ ni àfikún. Fi fọ́tò náà sẹ́yìn ìwé. Ṣùgbọ́n bàbá gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú kó tó dé iwájú àwọn àgbà. Òfin ni. Ìwọ ni kí o gbé e lọ fún wọn."

"Èmi, mà?"

"Ta ló kọ ọ́?"

Bàbá Hezekiah wà ní ilé, ó ń pọ́n àdá. Ó rí Ọpẹ́dayọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó kígbe: "Ọmọ ọ́fíìsì! Ó ti ń sanra. Ìjókòó ti ń pa á." Ó gbé àga fún un. Ọpẹ́dayọ̀ kò jókòó. Ó na ìwé náà sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Bàbá fi awò sójú. Ó ń kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ibi kan. "Ó dáa o. Mo mà ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"...Ọ́ìlì ń jò. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru hàn... ti wọ ojú pupa. Ṣé kí n dá iṣẹ́ dúró ni..."

Ó gbójú sókè.

"Ta ló kọ èyí?"

"Bọ̀dá Boaz ni, bàbá."

"Ohun tó kọ kọ́ nìyí."

"Òun ni, bàbá. Mo kàn tú u ni."

Bàbá wá fóònù rẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Ó rí ibẹ̀, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn. "Injin... gbna..." Ẹnu rẹ̀ kò lè kó o pọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀. "Mi ò mọ̀ pé ẹ́ńjìnì ni," ló wí. "Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo rí i pé ó kí mi. Mo rí ọwọ́ àdúrà. Mo ní ọmọ náà ń tọrọ àdúrà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kó máa bá a lọ."

"Ẹ ò béèrè, bàbá."

Kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu òun.

"Lọ́wọ́ ta ni?" Ohùn bàbá le díẹ̀. "Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń wa katakata. A ṣì wà ní Kwara nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò tíì sí Kogi kankan. Èmi ni mo kọ́ Boaz ní bí wọ́n ṣe ń di ìtúlẹ̀ mọ́ ọn. Kí n wá máa na fóònù sí ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ pé, 'Kí lo kọ yìí?' Gbogbo wọn ni mo ń fún lésì bẹ́ẹ̀, láràárọ̀. 'Ó dára, máa bá iṣẹ́ lọ.' Inú wọn ń dùn. Kò sẹ́ni tó kú rí."

Ó gbọ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sí orí òkúta tó fi ń pọ́n àdá.

Ọpẹ́dayọ̀ wo ilẹ̀. Bí bàbá bá bú u, ìbá rọrùn. Bí ó bá ní irọ́ ni, ìbá rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń wá ìbínú nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Ohun tó rí ni pé kò sẹ́ni tó purọ́. Boaz gé ọ̀rọ̀ kúrú nítorí ojú ń tì í. Bàbá kò béèrè nítorí ojú ń tì í. Ẹ́ńjìnì ò mọ ìtìjú, ó kú.

"Tí a bá fi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" bàbá béèrè, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde. "Kí o má fi fọ́tò yẹn sí i."

Ọpẹ́dayọ̀ nawọ́ sí ibi ìbuwọ́lù. Bàbá náà kò tún un sọ. Ó mú bírò lára ìwé, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, gbogbo lẹ́tà pé, kò gé ọ̀kan.

Lọ́jọ́bọ̀, Alàgbà Ọlánípẹ̀kun tó jẹ́ alága ní kí Ọpẹ́dayọ̀ ka ìwé náà fún ìgbìmọ̀. Ó dìde. Kó tó la ẹnu, Bàbá Hezekiah ti na ọwọ́.

"Mú un wá. Èmi ni mo ni èsì ibẹ̀."

Ó kà á fúnra rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, kò fo ìlà kan. Nígbà tó dé èsì aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kà á, ó tún un kà. Ó wá sọ fún wọn pé òun kò mọ ohun tí ọmọ náà kọ, òun kò sì béèrè. Bàbá kan láti Iyah-Gbede wúkọ́. Ẹlòmíràn sọ jẹ́jẹ́ pé, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n kà." Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Alága ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé Boaz béèrè kí ó tó ṣiṣẹ́, àti pé láti òní lọ, ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní odindi ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá sì yé, kó pè.

Ọpẹ́dayọ̀ fẹsẹ̀ rìn délé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń retí rẹ̀ láti ọ̀sán.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ó béèrè, Màmá. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀."

Màmá Martha pa ojú dé. Ó ṣe díẹ̀, ó là á.

"Lọ́wọ́ ta ló ti béèrè?"

Ọpẹ́dayọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀. Ó bọ́ ọ pẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, á sì gé e kúrú.

"Ẹ jókòó, Màmá," ló wí. "Ọ̀rọ̀ náà gùn."